Ààwẹ̀ Ramadan àti àìsàn ṣúgà: ibi tí oògùn ti ń já aláàwẹ̀ kulẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́

Bí ààwẹ̀ bá dá ẹni tó ní àìsàn ṣúgà dùbúlẹ̀, a sábà máa ń di ẹ̀bi ru ebi, ṣùgbọ́n oògùn tí onítọ̀hún lò nígbà sààrì ló máa ń jẹ̀bi jù. Ara tó dá ṣáṣá mọ bí òun ṣe ń gbààwẹ̀. Bí wákàtí ṣe ń lọ láìsí oúnjẹ, ínsúlíìnì inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, á máa dín kù, ẹ̀dọ̀ á sì máa tú ṣúgà tó ti kó pamọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ọpọlọ lè rí nǹkan lò títí oòrùn á fi wọ̀. Oògùn bíi gilibẹnkilamáìdì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Daoníìlì, kì í jẹ́ kí ètò yìí ṣiṣẹ́. Ńṣe ló ń lé ara pé kó máa tú ínsúlíìnì jáde, kò sì bìkítà bóyá oúnjẹ wà nínú ikùn tàbí kò sí. Ínsúlíìnì yẹn á sì dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, kò ní lè tú èyí tó kó pamọ́ sílẹ̀. Agbára oògùn náà máa ń pẹ́ lára, ó tún ń pẹ́ sí i bí kídìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, torí pé kídìnrín wà lára ohun tó ń kó o jáde. Ìdí nìyẹn tí ṣúgà fi sábà máa ń já wálẹ̀ láàárín Àlàásárì sí Màgàríbì, nígbà tí ìṣínu ti sún mọ́lé.

Ìwádìí EPIDIAR, tí wọ́n ṣe lórí Ramadan ọdún 2001 láàárín àwọn tó lé ní 12,000 ní orílẹ̀-èdè 13, fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó hàn. Láàárín àwọn tó ní oríṣi kejì àìsàn ṣúgà, ìyẹn èyí tó sábà ń mú àgbàlagbà, ìjáwálẹ̀ ṣúgà tó le débi tí wọ́n fi gbé ènìyàn lọ sí ọsíbítù fi nǹkan bí ìlọ́po méje àtààbọ̀ ju ti oṣù mìíràn lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wà nínú ewu kan náà, nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló lè gbà á, ta ni kò gbọ́dọ̀ dán an wò.

Ní ọdún 2021, IDF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àìsàn ṣúgà, àti DAR, àjọ tó ń rí sí àìsàn ṣúgà nínú Ramadan, jọ gbé ìṣirò kan jáde tí dókítà lè fi wọn ewu yìí. Ohun kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn aláìsàn ní máàkì tirẹ̀, wọn á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láti 0 dé 3, ewu kéré. Láti 3.5 dé 6, ó wà láàárín. Ohun tó bá ti kọjá 6, ewu ńlá ni, ìmọ̀ràn sì ni pé kí onítọ̀hún má gbààwẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ti tó láti parí ìṣirò, torí pé 6.5 ni máàkì wọn: kídìnrín tó ti bàjẹ́ gan-an, àìsàn ọkàn tí kò tíì rọlẹ̀, oyún tí ṣúgà ìyá rẹ̀ kò sí níbi tó yẹ, àti kí ènìyàn má mọ̀ ọ́n lára mọ́ pé ṣúgà òun ti ń já. Ti ìkẹyìn yìí ló ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Gbígbọ̀n, òógùn àti àyà tó ń lù kìkì ni agogo tí ara ń lù pé ewu dé. Bí ṣúgà bá ti ń já léraléra fún ìgbà pípẹ́, agogo náà lè dákẹ́, tí ẹni náà á kàn ṣàdédé ṣubú láìjẹ́ pé ohunkóhun kìlọ̀ fún un. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní “kò sí nǹkan tó ń ṣe mí”, ọ̀rọ̀ yẹn kò já mọ́ ẹ̀rí kankan.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá kan tó jẹ́ ẹni ọdún 58 ṣe àpẹẹrẹ. Oríṣi kejì ni àìsàn wọn, ìyẹn kò ní máàkì. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń bá a yí: 1. HbA1c wọn, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rìn ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, jẹ́ 8.2: 1. Gilibẹnkilamáìdì ni wọ́n ń lò pẹ̀lú mẹtifọ́míìnì: 1. Ara wọn máa ń gbọ̀n lọ́sàn-án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀: 1. Ramadan tó kọjá kò rọrùn fún wọn rárá: 1. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà nílé, ṣùgbọ́n inú dúrọ́ọ̀ ló ń sùn: 2. Kídìnrín àti ọkàn wọn dára, iṣẹ́ wọn kò gba agbára, ààwẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kò sì tó wákàtí 16. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 7. Ewu ńlá.

Àǹfààní kí ènìyàn rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú Ramadan ni pé ó ṣì ku àkókò láti yí nǹkan padà. Iye ọdún tí bàbá ti fi wà lórí àìsàn kò ṣeé yí, ṣùgbọ́n oògùn ṣeé yí. Bí dókítà bá fi gilikilasáìdì, oògùn tó jẹ́ ìran kan náà àmọ́ tí ewu rẹ̀ kéré sí i, rọ́pò gilibẹnkilamáìdì, máàkì oògùn di 0.5. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí wọn ṣúgà bó ṣe yẹ, 2 ti ẹ̀rọ di 0. Àpapọ̀ wá di 4.5, wọ́n bọ́ sí àárín. Ìyẹn kò wá túmọ̀ sí pé ewu ti lọ. Wọ́n lè gbìyànjú ààwẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń ṣọ́ ara wọn, tí wọ́n sì gbà láti ṣínu bí ara bá kọ̀.

Ó wá ku àkókò oògùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn kàn gbé oògùn àárọ̀ sí sààrì, kó sì fi ti alẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Tẹ́lẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán máa ń wá bá oògùn àárọ̀. Ní Ramadan, kò sí oúnjẹ kankan lẹ́yìn rẹ̀ fún odindi ọjọ́. Òfin tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé ni pé kí oògùn tó pọ̀ jù bá oúnjẹ tó pọ̀ jù rìn, ìyẹn oúnjẹ ìṣínu. Bí bàbá bá ń lo gilikilasáìdì 80 mg láàárọ̀ àti lálẹ́, dókítà lè fi 80 sílẹ̀ fún ìṣínu, kó sì dín ti sààrì kù sí 40. Mẹtifọ́míìnì kì í fi tipátipá lé ínsúlíìnì jáde, nítorí náà, òun nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ á di ti ìṣínu àti ti sààrì, láìdín in kù. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni, wọn á pa ti ọ̀sán pọ̀ mọ́ ti ìṣínu.

Ẹni tó ń gún ínsúlíìnì gbọ́dọ̀ gba ìṣirò tirẹ̀ lẹ́nu dókítà, torí pé oríṣi rẹ̀ pọ̀. Fún ínsúlíìnì ọlọ́jọ́ gígùn tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sábà máa ń gbé e sí ìgbà ìṣínu, tí wọ́n á sì dín in kù ní ìdá 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá ínsúlíìnì dúró pátápátá torí pé òun ń gbààwẹ̀. Fún ẹni tó ní oríṣi kìíní, tí ara rẹ̀ kò lè pèsè ínsúlíìnì mọ́, ìyẹn lè pa á.

Gígún ìka láti wọn ṣúgà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ó yẹ kí èyí ti di mímọ̀ tipẹ́, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi ẹ̀rọ wọn pamọ́ di alẹ́. Fún bàbá yìí, àwọn ìgbà tó ṣe kókó ni kí wọ́n tó jẹ sààrì, ọ̀sán gangan, lẹ́yìn Àlàásárì, kí wọ́n tó ṣínu, wákàtí méjì lẹ́yìn ìṣínu, àti ìgbàkígbà tí ara bá sọ nǹkan.

Ká ní ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ kọ 84 mg/dL. Ààwẹ̀ kò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n 70 sí 90 jẹ́ ibi tó ń béèrè pé kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n láàárín wákàtí kan. Ní aago márùn-ún, ó di 66. Aago méje kù díẹ̀ ni wọn yóò ṣínu. Ibí gan-an ni wàhálà máa ń wà. Wọ́n á ní, “Kí ló kù? Ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ni.” Inú á máa bí wọn sí ẹni tó bá gbé omi wá, òógùn á bo iwájú orí wọn, àwọn ará ilé á sì rò pé ebi ààwẹ̀ ló ń mú wọn kanra. Ọpọlọ tí ṣúgà kò dé mọ́ ló ń ṣèpinnu yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n ti fẹnu kò pẹ̀lú ìyàwó tàbí ọmọ kí oṣù tó wọlé pé bí ẹ̀rọ bá ti kọ ohun tó dín sí 70, ààwẹ̀ ti parí lọ́jọ́ náà nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn.

Wọn á po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin sínú omi, wọn á mu ún, wọn á sinmi fún ìṣẹ́jú 15, wọn á tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tíì tó 70, wọn á tún un ṣe. Ṣokoléètì tàbí oúnjẹ ọlọ́ràá kò yẹ láti fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀rá máa ń fa ṣúgà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọn á jẹun gidi. Oògùn àárọ̀ ṣì wà lára, ó sì lè tún fà á wálẹ̀, nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọ̀n ọ́n di ìgbà tí wọ́n fẹ́ sùn. Ẹni tó bá ti dákú kì í gba nǹkan sẹ́nu rárá, ọsíbítù ló kàn.

Apá òkè náà ní ààlà. Bí ẹ̀rọ bá kọ ohun tó ju 300 lọ, ààwẹ̀ gbọ́dọ̀ dópin. Ṣúgà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń fi ìtọ̀ kó omi ara dà nù, ẹni tí kò sì lè mu omi kò ní ohun tó máa fi rọ́pò rẹ̀. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ibà tàbí òyì tó ń kọ́ni bí ènìyàn bá dìde náà ti tó láti ṣínu, ohun yòówù kí ẹ̀rọ kọ.

Gbogbo ìṣirò yìí dá lórí ààwẹ̀ tó ń parí ní ìrọ̀lẹ́. Kò ṣeé lò fún ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí àwọn Kristẹni kan máa ń gbà, torí pé kò sí oúnjẹ alẹ́ tí oògùn máa bá rìn. Ẹni tó ń lo gilikilasáìdì tàbí ínsúlíìnì kò gbọ́dọ̀ wọ irú rẹ̀.

Ní ti bàbá, bí ààwẹ̀ bá já lọ́jọ́ kan, wọn kì í jí ṣe sààrì lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwọ̀n oògùn kan náà. Wọn á kọ́kọ́ pe dókítà kó wo 40 ti sààrì yẹn wò, bóyá kó dín in kù sí i, tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ tó já náà di gbèsè tí wọ́n á san lẹ́yìn Ramadan bí ara bá gbà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò ní gbà á mọ́ láé, oúnjẹ tálákà kan ló máa fi dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.