Kírẹ́dítì ìwé àfetígbọ́: èwo ni tiyín, èwo ni wọ́n kàn yá yín?

Nínú ètò bíi Audible, owó tí ẹ ń san lóṣooṣù máa ń mú kírẹ́dítì wá. Lórí ètò tó wọ́pọ̀ jù, kírẹ́dítì kan lóṣù kan ni. Kírẹ́dítì kan, ìwé kan: ì báà jẹ́ ìwé wákàtí mẹ́rin tàbí ti ogójì. Nítorí náà, ìwé kékeré tí owó rẹ̀ kò tó owó oṣù, ẹ fi owó rà á, ẹ má fi kírẹ́dítì ṣòfò lé e lórí.

Àwọn ìwé kan sì wà tó ti wà nínú ètò náà tẹ́lẹ̀, tí ẹ ò ní fi kírẹ́dítì gbà rárá. `Included` ni ẹ máa rí lára wọn. Ilé-iṣẹ́ náà lè yọ èyíkéyìí nínú wọn kúrò nígbà tó bá wù ú.

Ohun tó ń da èèyàn rú ni pé inú `Library` kan náà ni oríṣi méjèèjì ń bọ́ sí, tí gbogbo wọn á wá jọ tẹni.

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan ń gbé ní Ṣúrùlérè, ó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland ló ti ń gbọ́ ìwé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní. Nígbà tí oṣù Kẹfà fi máa parí, kírẹ́dítì 6 ti wọlé. Ó fi 2 ra ìwé, ó ku 4. Ó tún mú ìwé 3 tó jẹ́ ti ètò, ó sì dà wọ́n sórí fóònù. Ìwé 5 ló ń rí nínú `Library`. Bó bá wá fagi lé ètò náà, lọ́jọ́ tí oṣù tó ti san bá parí, ìwé 3 yẹn á tì pa, dídà tó dà wọ́n sórí fóònù kò ràn án. Kírẹ́dítì 4 náà á wọgbó. Ìwé 2 tó fi kírẹ́dítì rà nìkan ló kù sí i lọ́wọ́.

Ká ní ó ti fi kírẹ́dítì 4 yẹn ra ìwé kó tó tẹ bọ́tìnnì ìfagilé ni, ìwé 6 ni ì bá kù sí i lọ́wọ́.

Kírẹ́dítì tí ẹ ò bá ná lóṣù yìí máa ń bọ́ sí oṣù tó ń bọ̀, àmọ́ kì í ṣe títí ayé. Oṣù 12 ni Audible fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó wọlé. Èyí tó kọ́kọ́ fẹ́ kú ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ bí ẹ bá ra ìwé.

Ti Kindle Unlimited, ètò ìwé kíkà orí ẹ̀rọ ti Amazon, tún yàtọ̀. Kò sí kírẹ́dítì níbẹ̀, yíyá ni gbogbo rẹ̀. Ẹ lè yá ìwé tó 20 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì dá ọ̀kan padà kẹ́ ẹ tó mú ìkọkànlélógún. Bí ètò bá parí, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi káàdì náírà san owó dọ́là, ẹ má to kírẹ́dítì jọ. Bí báǹkì bá ń kọ owó náà léraléra, ètò yín lè parí láìjẹ́ pé ẹ tẹ bọ́tìnnì kankan.