Gbájúẹ̀ ìkànnì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù

Gbájúẹ̀ ìkànnì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni jìbìtì tí wọ́n fi ń gba owó tàbí páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù. Ní Nàìjíríà, ó sábà máa ń ní apá méjì tó so kọ́ra. Àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ WhatsApp tàbí Telegram tó ń pín gémù tí wọ́n ní ó dájú. Èkejì ni ìkànnì ayédèrú tó jọ ti ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ gidi bí ìbejì. Ẹgbẹ́ ló ń mú kéèyàn gbàgbọ́, ìkànnì ló ń gba owó.

Bí wọ́n ṣe ń mú kéèyàn gbàgbọ́

Ọ̀pọ̀ tó kó sí wọn lọ́wọ́ kì í ṣe òmùgọ̀ rárá. Ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí ni wọ́n gbà gbọ́. Ká ní ẹnì kan ní nọ́ńbà fóònù ènìyàn 810 lọ́wọ́, tí kò sì mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sọ fún 270 nínú wọn pé onílé ló máa borí, ó sọ fún 270 mìíràn pé àlejò ni, ó ní ọ̀mì ni wọ́n máa ta fún 270 tó kù. Ibi yòówù tí bọ́ọ̀lù náà bá já sí, 270 ènìyàn máa rí i pé ó sọ òótọ́. Ó pa àwọn yòókù tì, ó tún pín 270 yìí sí ọ̀nà mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá ku 90. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ku 30.

Àwọn 30 yìí ti rí i tó sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, lọ́fẹ̀ẹ́, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ló máa ní kí wọ́n sanwó gémù ọ̀sẹ̀ kẹrin. Kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn pé 780 ènìyàn ni ó ti ṣì í sọ fún. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀: àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ owó ńlá ni wọ́n ń gbé jáde. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà lò díẹ̀ lè yí iye owó tó wà lójú ìwé padà kó tó ya á ní fọ́tò, nítorí náà àwòrán nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìkànnì ayédèrú

Nígbà tí ìgbàgbọ́ bá ti wọlé, wọ́n á fi ìlà ìkànnì ránṣẹ́. Àwọ̀, àmì àti ètò ojú ìwé náà lè má yàtọ̀ rárá sí ti gidi. Àdírẹ́sì ló ń tú wọn fó. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

```
https://tetegidi.com.ebun-ojo.example/login
```

Ojú máa ń sáré kó `tetegidi.com`, ọkàn á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìkànnì kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn `https://`, ẹ wá ìlà wínníwínní `/` tó kọ́kọ́ yọ, kí ẹ sì ka ohun tó ṣáájú rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì: `ebun-ojo.example` ló ni ibẹ̀. Ohun tó bá wù ú ló lè kọ ṣáájú orúkọ rẹ̀. Tó bá jẹ́ `.com.ng` ló parí àdírẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni orúkọ onílé. Àmì àgádágodo kò yanjú èyí, torí kìkì pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ló ń sọ. Olè náà lè gba àmì yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ síbẹ̀ á rí i pé ojú ìwé ní ó ṣì í tẹ̀, yóò sì gbé e lọ sí ìkànnì gidi. Ó tún un tẹ̀, ó wọlé, kò sì fura. Àwọn kan tún máa ń béèrè kóòdù tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sórí fóònù, kí wọ́n lè lò ó lójú ẹsẹ̀. Níbi tí ilé-iṣẹ́ kì í bá sanwó sí àkáǹtì tó ní orúkọ ẹlòmíràn, olè á gbé páásíwọ́ọ̀dù kan náà lọ dán an wò lórí ímeèlì ẹni náà.

Irú kejì ń gba owó ní tààràtà. Wọ́n á ní kí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ san 10,000 náírà sí àkáǹtì kan. Áàpù báńkì á sì fi orúkọ ẹni tó ni ín hàn kó tó fi owó ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn lásán ló yọ, ibẹ̀ ló yẹ kó dúró. Lẹ́yìn náà, ìkànnì á máa fi hàn pé owó rẹ̀ ti di 85,000, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n kọ sójú ìwé lásán ni. Tó bá fẹ́ gbà á, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ san 15,000 fún owó orí. Tó bá san án, wọ́n á tún béèrè òmíràn, títí tí wọ́n á fi yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Òfin àti ohun tó kù láti ṣe

Abala 32 òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀tàn orí ẹ̀rọ gba ìsọfúnni bíi páásíwọ́ọ̀dù. Kí èèyàn pe báńkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ló ṣe kókó, nítorí olè kì í pẹ́ gbé owó náà kúrò lọ sí àkáǹtì mìíràn. Kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ láti yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹnì kan lè kọ̀wé sí i pé òun lè bá a gba owó náà padà tó bá san owó iṣẹ́ ṣáájú. Nígbà púpọ̀, àwọn olè àkọ́kọ́ náà ni wọ́n padà wá.