PTR kì í gbé ibi tẹ́ ẹ ti ra dóméènì

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí, òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, òun náà ló gbé sáfà ímeèlì kalẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè máa fi àkọsílẹ̀ owó ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ń lo Gmail, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan gbà. Ṣe ni ímeèlì ń padà wá, nọ́ńbà tó sì ń gbé bọ̀ ni 550-5.7.25. Ẹ̀gbọ́n yìí ò sùn o, ó ti kà á pé PTR, rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń sọ orúkọ tí IP ń jẹ́, ni nọ́ńbà yẹn ń wí, ó wá lọ síbi tó ti ra dóméènì, ó ṣí pánẹ́ẹ̀lì DNS, ó rí PTR láàárín àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tó lè yàn, ó kọ ọ́ sí i, ó wá ń retí pé kó tàn dé ibi gbogbo. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìgbà tó pè mí, ó ní, "Àbúrò, ọjọ́ mélòó gan-an ló máa ń gbà?"

Mo ní, "Bọ̀dá mi, tẹ́ ẹ bá dúró dọdún tó ń bọ̀, kò ní ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wo ibi tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí."

Mi ò bá a wí, torí pánẹ́ẹ̀lì yẹn ló ṣi í lọ́nà. Wọ́n fi PTR síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá rí i á gbà pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀, pé èmi ni mo ni dóméènì, èmi náà ni mo máa kọ gbogbo ohun tó bá kàn án. Òótọ́ ni fún rẹ́kọ́ọ̀dù A, èyí tó ń sọ pé orúkọ báyìí, IP ẹ̀ nìyí. PTR ń lọ láti òdìkejì: IP nìyí, kí lorúkọ ẹ̀? IP yẹn kì í sì í ṣe tiyín, ẹ yá a ni.

Ká ní ẹ yá ṣọ́ọ̀bù ní Sábó. Ẹ lè kọ orúkọ tó bá wù yín sára sáìnbọ́ọ̀dù, ẹ lè sọ fáwọn kọ́sítọ́mà pé ṣọ́ọ̀bù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ wà. Ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá lọ bá onílé pé ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìwé ọwọ́ onílé ló máa ṣí, kò ní jáde wá wo sáìnbọ́ọ̀dù yín. Ohun tí Gmail ń ṣe nìyẹn, ó lọ ń béèrè lọ́wọ́ onílé.

Bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ onílé rèé. Mo máa fi IP àpẹẹrẹ rọ́pò tiwọn, ẹ jẹ́ ká ní 203.0.113.25 ni. Ẹni tó ń béèrè á yí i sẹ́yìn, á wá orúkọ yìí:

```
25.113.0.203.in-addr.arpa
```

Ẹ wò ó dáadáa, kò sí dóméènì yín níbẹ̀ rárá. IANA ló wà lókè tó ń pín nọ́ńbà fáwọn àjọ àgbègbè, AFRINIC tó wà ní Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì ni ti Áfíríkà, RIPE NCC ni ti Yúróòpù, àwọn yẹn wá pín in fáwọn iléeṣẹ́ tó ń yáni ní sáfà, àṣẹ àtikọ orúkọ sídìí nọ́ńbà sì ń tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn lọ ni. Èyí tí ẹ̀gbọ́n kọ sí pánẹ́ẹ̀lì dóméènì wá di 25.113.0.203.example.com, torí pánẹ́ẹ̀lì fi dóméènì wọn kún un níparí. Kò sí sáfà kankan láyé tó máa béèrè irú orúkọ yẹn.

A wá bẹ̀rẹ̀ látorí bíbéèrè fúnra wa:

```
dig -x 203.0.113.25 +short
```

Kò mú nǹkan kan jáde. Ó yé wa pé onílé ò kọ nǹkan kan. A kọ́kọ́ rí i dájú pé rẹ́kọ́ọ̀dù A ti mail.example.com ń tọ́ka sí 203.0.113.25, ìyẹn ni ibi tí wọ́n ti ra dóméènì wúlò fún, ó sì yẹ kó ṣáájú torí àwọn iléeṣẹ́ sáfà kan ò ní gba PTR lọ́wọ́ yín tí A ò bá tíì tọ́ka sí IP yẹn. Lẹ́yìn náà la wọ pánẹ́ẹ̀lì iléeṣẹ́ tí wọ́n ti yá sáfà, níbi tí IP wà, a rí Reverse DNS níbẹ̀, a kọ mail.example.com sí i. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ò ní bọ́tìnnì yẹn, ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ sọ IP àti orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́, wọ́n á bá yín kọ ọ́.

Ìgbà tí a tún béèrè, mail.example.com ló jáde. A tún bi orúkọ yẹn padà:

```
dig mail.example.com A +short
```

203.0.113.25 ló dáhùn. Ìbéèrè méjèèjì gbọ́dọ̀ padà bára wọn báyìí, torí ẹnikẹ́ni tó ni IP lè kọ orúkọ olórúkọ sídìí ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ni dóméènì nìkan ló lè fọwọ́ sí i láti òdìkejì. A sì wo myhostname nínú Postfix, ètò tó ń gbé ímeèlì lórí sáfà náà, pé orúkọ yẹn kan náà ló fi ń kí àwọn sáfà yòókù, mail.example.com ló wà níbẹ̀, ó dáa.

Ẹ̀gbọ́n wá ní àwọn ní dóméènì kejì tí àwọn fi ń kọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, ṣé káwọn kọ PTR kejì fún ìyẹn ni? Rárá o. Orúkọ sáfà ni PTR ń sọ, kì í ṣe dóméènì tó wà nínú adírẹ́sì ẹni tó kọ̀wé. Ogún dóméènì lè gba inú sáfà kan kọjá, orúkọ kan ṣoṣo ló tó fún IP ẹ̀.

A rò pé ó ti parí. Ímeèlì ń wọ Gmail, ó dé ààyè kan lọ́sàn-án, àwọn kan tún ń padà pẹ̀lú 5.7.25 yẹn náà. Mo ka èyí tó padà dáadáa, àdírẹ́sì gígùn oníkólọ́ọ̀nù ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe 203 wa. IPv6 ni. Iléeṣẹ́ náà ti fún sáfà ní IPv6 látìbẹ̀rẹ̀, Postfix ń gba ibẹ̀ jáde nígbà mìíràn, kò sì sẹ́ni tó kọ PTR fún un. IPv6 ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, abẹ́ ip6.arpa ló wà. Ẹ lè kọ ọ́ sí pánẹ́ẹ̀lì kan náà kẹ́ ẹ sì kọ AAAA, ìyẹn rẹ́kọ́ọ̀dù A ti IPv6, sí dóméènì, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ní òun ò nílò ẹ̀, a wá ní kí Postfix máa gba IPv4 nìkan:

```
postconf -e 'inet_protocols = ipv4'
systemctl restart postfix
```

Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí AAAA bá wà lórí orúkọ sáfà, ẹ yọ ọ́ kúrò, torí kò ní máa gbọ́ níbẹ̀ mọ́. Látìgbà yẹn, 5.7.25 ò padà wá. Pé PTR tọ̀nà ò ní kí ímeèlì má bọ́ sí Spam o, SPF àti DKIM tó ń fẹ̀rí hàn pé ọ̀dọ̀ dóméènì yín ni ímeèlì ti wá ní iṣẹ́ tiwọn, PTR kàn ń ṣílẹ̀kùn ni.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé sáfà sílé, kó fi dátà fóònù tàbí ráútà ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyà jẹra yín. IP tí ilé iṣẹ́ fóònù ń fún wa sábà máa ń yí padà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń pín ọ̀kan lò lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí báwọn ṣe fẹ́ kọ orúkọ sáfà yín sídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí sáfà ilé gbé ímeèlì fún sáfà ẹlòmíì tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ fífi ímeèlì ránṣẹ́, Postfix ń pè é ní relayhost. IP ti ẹni yẹn ni Gmail máa rí, PTR ẹ̀ ló máa béèrè.