Àwọn Ètò Tó Ń Jẹ Ráàmù Kí Géèmù Tó Ṣí

Bí kọ̀ǹpútà bá ní ráàmù gígábáìtì 8, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń dé ọwọ́ géèmù. Windows á kọ́kọ́ mú tirẹ̀, àwọn ètò tó máa ń ṣí ara wọn bí kọ̀ǹpútà bá ti tàn náà á mú tiwọn, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni géèmù yóò bá. Bí ìyẹn kò bá tó, Windows á máa kó apá kan ohun tó wà nínú ráàmù lọ sórí dísìkì, dísìkì sì lọ́ra ju ráàmù lọ jìnnà. Nígbà tí géèmù bá wá nílò ohun tí wọ́n kó lọ, àwòrán á dúró gbagi, á sì tún máa lọ. Ìdúró-dúró yìí ni dídín àwọn ètò kù ń wò sàn.

Ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ ká mọ ibi tí ráàmù ń lọ. Ká tan kọ̀ǹpútà, ká fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó fara balẹ̀, ká wá tẹ Ctrl+Shift+Esc kí Task Manager ṣí. Lábẹ́ Performance, ní Memory, a ó rí In use àti Cached. In use ni èyí tí àwọn ètò ń lò lọ́wọ́. Cached kò yẹ kó dẹ́rù bani, nítorí Windows máa ń gba púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀ bí géèmù bá béèrè. Ìdí nìyí tí àwọn áàpù tó ń pe ara wọn ní olùfọ ráàmù kò fi wúlò: ohun tí wọ́n lé jáde, kọ̀ǹpútà á tún ní láti kà á wọlé láti orí dísìkì.

Ká sọ pé In use jẹ́ gígábáìtì 4.4, géèmù sì nílò 4.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.9, kò lè gba inú 8. Ká wá lọ sí Processes, ká tẹ orí Memory kí èyí tó ń jẹ jù lọ wá sókè. Ká sọ pé a rí búráúsà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìsí ojú ìwé kankan tó ṣí, mẹgabáìtì 600. Áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, 400. Áàpù ìtajà géèmù méjì, 300 àti 250. Àti èyí tó ń kó fáìlì lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, 150, àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,700. Bí wọ́n bá kúrò, In use á sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi 2.7, géèmù á sì rí àyè tó tó.

Inú Startup apps, nínú Task Manager kan náà, ni a ti ń dá wọn dúró: ká fi ọwọ́ ọ̀tún máúsì tẹ orúkọ ètò náà, ká yan Disable. Èyí kò pa ètò náà rẹ́. Ìgbà tí a bá pè é ló máa ṣí. Ohun kan ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ níbẹ̀. Startup impact ń sọ bí ètò kan ṣe fa ìtànná kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, kò sọ iye ráàmù tó máa jẹ lẹ́yìn náà. Èyí tí wọ́n kọ Low sí lè jókòó lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹgabáìtì títí di alẹ́. Ti búráúsà, inú Settings tirẹ̀ gan-an ni a ti ń yí i padà kó má máa ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí a bá tì í.

Àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ inú services.msc yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò jẹ ju mẹgabáìtì díẹ̀ lọ, wọn kì í sì í da pirosẹ́sọ̀ láàmú bí wọn kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́. Pípa ogún nínú wọn lè má mú èrè kan wá, àmọ́ pípa ẹyọ kan tí kò yẹ lè mú kí ohùn dákẹ́, tàbí kí géèmù kọ̀ láti ṣí torí pé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ojóóró kò sí níbẹ̀. Èyí tí a bá rí pé ó ń jẹ pirosẹ́sọ̀ lóòótọ́ nìkan ni ká dá dúró, fúngbà díẹ̀ sì ni. Bí àpẹẹrẹ, Windows Search nígbà tó bá ń to orúkọ fáìlì, láti inú ojú àṣẹ Command Prompt tí a ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó:

```
net stop wsearch
```

Bí a bá ṣeré tán:

```
net start wsearch
```

Fún iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ètò tí a fi sórí kọ̀ǹpútà fúnra wa, tí a kì í lò lójoojúmọ́, Manual sàn ju Disabled lọ, torí Manual ṣì gbà kó dìde bí ohun mìíràn bá pè é.

Láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, ká tẹ resmon sínú àpótí ìwákiri Start, ká ṣí Memory, ká wo Hard Faults/sec nígbà tí géèmù ń lọ, ìyẹn iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń lọ kó nǹkan wá láti orí dísìkì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ń fò sókè ní gbogbo ìgbà tí àwòrán bá dúró, ráàmù kò tíì tó. Bó bá dákẹ́, tí GPU sì wà ní nǹkan bíi 99%, káàdì àwòrán ló ti dé òpin agbára rẹ̀. Dídín bí àwòrán ṣe dára tó kù nínú Settings géèmù ló kù nígbà náà, kì í ṣe Startup apps.