Agbo inú sódàbì yẹn, ọtí ni o, ẹ̀yin aboyún Kétu

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Tí mo bá bi aboyún pé ṣé ó ń mu ọtí, á ní "rárá o màmá, mi ò fẹnu kan ọtí". Kí n wá ní agbo ńkọ́, á ní bẹ́ẹ̀ ni, agbo ẹ̀yìn ríro, ìyá ọkọ òun ló rẹ egbò sínú sódàbì fún òun, gíláàsì kékeré kan láàárọ̀, ìkan lálẹ́. Kí lẹ rò pé ó wà nínú ìgò yẹn? Egbò kì í lé ọtí jáde nínú sódàbì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹni tó sè é ò wọ̀n ọ́n, àmọ́ ká ní 45 nínú 100 ni ọtí inú ẹ̀. Gíláàsì tó gba sẹ̀ntílítà 5, ọtí gidi tó wà níbẹ̀ jẹ́ mìlílítà 22 àtààbọ̀. Ìgò bíà kékeré, sẹ̀ntílítà 33, tí agbára ẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, mìlílítà 16 àtààbọ̀ ló ní. Ẹ rí i pé gíláàsì agbo kan ju bíà kan lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bíà mẹ́ta. Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀mùtí, ohun tó wà nínú ìgò ni mò ń sọ.

Ọtí yẹn kì í dúró lọ́dọ̀ ìyá. Ibi ọmọ ò lè dí i lọ́nà, kò pẹ́ tí èyí tó wà lára ọmọ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìyá dọ́gba. Ẹ̀dọ̀ ìyá mọ bó ṣe ń fọ́ ọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ inú ò tíì mọ iṣẹ́ yẹn. Ọmọ á tọ̀ ọ́ sínú omi tó wà, á tún gbé omi yẹn mì, ó wá ń pẹ́ lára ẹ̀.

"Díẹ̀ ńkọ́, màmá?" Kò sí dókítà tó lè kó aboyún jọ kó ní kí àwọn kan máa mutí ká lè wo ohun tó máa ṣe ọmọ wọn, àwọn ìyá la máa ń bi, ìyá sì máa ń gbàgbé, ó tún máa ń dín in kù. Ara ò rí bákan náà: ìbejì tí kò jọra, inú kan náà ni wọ́n wà, ọtí kan náà ni ìyá wọn mu, ọ̀kan lè bà jẹ́ ju èkejì lọ. Nínú àwọn tó ń mu díẹ̀, ìwádìí míì rí ewu, òmíì ò rí i, àmọ́ kò sí èyí tó tíì fi ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀ hàn wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé òdo. Èyí tó dájú ni pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń burú tó, àmuyó lẹ́ẹ̀kan ló sì burú jù.

Dókítà Faransé kan, Paul Lemoine, kọ nípa ọmọ 127 tí òbí wọn jẹ́ ọ̀mùtí ní Nantes ní 1968, nígbà tó di 1973 àwọn ará Amẹ́ríkà fún ohun tí ọtí ń ṣe ọmọ inú yìí lórúkọ. Àwọn dókítà wa ń pè é ní sàfù: ojú méjèèjì tó kéré, ihò àárín imú àti ètè tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ètè òkè tó fẹ́lẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oyún gan-an ni ìrísí ojú yẹn ti ń bà jẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin ò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Ọpọlọ ní tiẹ̀, títí dọjọ́ ìbí ló ń dàgbà, torí náà ọ̀pọ̀ àwọn tó bà jẹ́ ò ní àmì kankan lójú. Gbogbo wọn pa pọ̀, tó ní àmì, tí kò ní, la ń pè ní tẹ́sàfù.

Wọ́n mú ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án kan wá bá mi, ìyá ẹ̀ mu agbo yẹn títí ó fi bí i. Kékeré ló wá sáyé, ọyàn ò sì yá a lẹ́nu. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ojú ẹ̀ mọ́. Ìṣirò tó mọ̀ lánàá, lónìí ó ti lọ. Rán an ní iyọ̀ àti ata, ìkan ló máa mú bọ̀. Wọ́n nà án torí ó mú nǹkan ẹlòmíì, ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀ tọkàntọkàn, lọ́la ó tún mú un. Olùkọ́ ní olórí kunkun ni. Bàbá kan ní emèrè ni, ó sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí, ẹ sì gbọ́ ohun tó fún un mu lẹ́yìn ẹ̀: egbò inú sódàbì! Ọmọ tí ọtí bà jẹ́ látinú oyún! Inú mi ṣì ń ru. Kì í ṣe emèrè, ọpọlọ ẹ̀ ni kì í di nǹkan mú, ẹgba ò sì lè tún un ṣe.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi í hàn. Dókítà ọmọdé á béèrè nípa oyún, á wo etí, ojú àti bó ṣe ń dàgbà, á dán ìrántí ẹ̀ wò. Kò sí oògùn tó máa wò ó tán. Àmọ́ iṣẹ́ kan ni kẹ́ ẹ máa rán an lẹ́ẹ̀kan, kí ó ṣe é tán kẹ́ ẹ tó sọ òmíì, kí ojoojúmọ́ rí bákan náà, kẹ́ ẹ ya àwòrán ohun tó máa ṣe sára ògiri. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yìí, ó ti ń múra ilé ìwé fúnra ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti mu ún kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹ lóyún, ẹ dáwọ́ dúró lónìí, ọpọlọ ọmọ ṣì ń dàgbà. Ẹni tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ máa ń gbọ̀n tí kò bá mu láàárọ̀, kó má dá a dúró fúnra ẹ̀, kó wá sílé ìwòsàn, torí dídá a dúró lójijì léwu. Ẹ̀yìn ríro náà, ẹ wá ká wò ó, nígbà míì ilé ìtọ̀ ló ní àrùn, sódàbì ò sì lè wò ìyẹn. Ẹ gbé ìgò agbo náà dání nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀.