Bí A Ṣe Ń Yẹ Ètò Gbígbé Irin Gbajúmọ̀ Orí Ayélujára Wò

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú máa ń rí nínú ètò gbígbé irin tí gbajúmọ̀ kan gbé sórí ayélujára ni ara ẹni tó kọ ọ́, ara náà gan-an sì ni ẹ̀rí tí kò ṣe é gbára lé rárá. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1996, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń gún ní abẹ́rẹ́ tẹsitọ́stẹ́rọ́ọ̀nù, èròjà ara ọkùnrin tó ń mú iṣan dàgbà, 600 mílígíráàmù lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, tí wọn kò sì gbé irin kankan, ní iṣan kún ara ju àwọn tó gbé irin láìgba oògùn lọ. Èyí kò sọ pé gbogbo gbajúmọ̀ ló ń lo oògùn. Ohun tó sọ ni pé kò sí bí a ṣe lè wo ara ènìyàn kí a mọ ohun tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ìwé ètò náà ni kí a kà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ètò kan tí irú rẹ̀ wọ́pọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni a ó máa gbé irin lọ́sẹ̀: ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ti ẹsẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ti àyà, Ọjọ́rú jẹ́ ti ẹ̀yìn, ọjọ́ méjì yòókù sì jẹ́ ti apá àti èjìká. Ní ọjọ́ ẹsẹ̀, a ó kọ́kọ́ jókòó sórí ẹ̀rọ, a ó máa na orúnkún, sẹ́ẹ̀tì 4, ìyẹn ni pé a ó ṣe é léraléra, a ó sinmi, títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹrin. A ó wá gbé irin lọ́wọ́, a ó máa fi ìgbésẹ̀ gígùn rìn, sẹ́ẹ̀tì 4. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlóṣòó pẹ̀lú ọ̀pá irin léjìká, sẹ́ẹ̀tì 5, kí a tó fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀rọ, sẹ́ẹ̀tì 5. Iṣan ẹ̀yìn itan ló kẹ́yìn: títẹ̀ síwájú pẹ̀lú irin lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀tì 4, àti kíká orúnkún lórí ẹ̀rọ, sẹ́ẹ̀tì 4. Ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá 45 ló wà láàárín sẹ́ẹ̀tì kan àti èkejì, ó ní kí a ṣe gbogbo rẹ̀ títí agbára yóò fi pin, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ kejì, kí a pààrọ̀ gbogbo eré ìdárayá náà kí iṣan má baà mọ ohun tó ń bọ̀.

Iye iṣẹ́ rọrùn láti kà. Iṣan iwájú itan nìkan gba sẹ́ẹ̀tì 18 lọ́jọ́ kan, ìyẹn 36 lọ́sẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 10 sí 20 ló ń tó ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń gbé irin tipẹ́, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì lè dàgbà lórí iye tó kéré sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àṣejù nìkan kọ́ ni nọ́ńbà náà ń fi hàn. Sẹ́ẹ̀tì tó ń kọ́ iṣan ni èyí tó parí nígbà tó bá ku ìgbà mẹ́ta péré, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, tí a ṣì lè gbé irin náà. Ẹni tó bá lóṣòó ní ìgbà 10 títí agbára fi pin, tó sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 45, ó lè má rí ju ìgbà 6 ṣe nínú sẹ́ẹ̀tì kejì, kó sì bọ́ sí 4 nínú ìkẹta, nítorí pé èémí ló kọ́kọ́ ń tán, kì í ṣe agbára iṣan. Láti lè parí sẹ́ẹ̀tì 18, yóò ní láti dín irin kù títí yóò fi di fúyẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń parí ètò yìí kò gbé sẹ́ẹ̀tì 36 tó le. Sẹ́ẹ̀tì tó rọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń rẹ ara láìkọ́ ọ. Ìsinmi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ló yẹ ìlóṣòó tó wúwo, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìyẹn sí i, sẹ́ẹ̀tì 26 ọjọ́ ẹsẹ̀ lè gbà ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ.

Ti ìtò eré, a kò gbọ́dọ̀ ṣe é ní àsọdùn. Eré tí a bá fi ṣáájú ni agbára wa máa ń lọ sókè jù nínú rẹ̀. Fún títóbi iṣan, ìyàtọ̀ náà kéré. Nínà orúnkún ṣáájú ìlóṣòó kò burú fún ẹni tó ń wá itan ńlá nìkan, ṣùgbọ́n ètò tó bá ṣèlérí agbára ìlóṣòó, tó sì fi í sí ipò kẹta, ta ko ara rẹ̀.

Ibi tó ń bani nínú jẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ pé kí a máa dá iṣan láàmú. Iṣan kì í lá àlá, kì í sì í sú u. Ìwúwo tó ń fà á ló mọ̀. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ eré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dà bí ẹni tó ń wọn gíga ọmọ pẹ̀lú ọ̀pá tí gígùn rẹ̀ ń yí padà: lóṣù yìí ọmọ náà jẹ́ ọ̀pá kan, lóṣù tó ń bọ̀ ó jẹ́ ọ̀pá kan àti díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ọmọ ló ga sí i tàbí ọ̀pá ló kúrú. Ìrora tó ń tẹ̀lé eré tuntun, èyí tó máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Àjèjì eré ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí ìrora fi ń dín kù nígbà tí a bá ṣe eré kan náà lẹ́ẹ̀kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣan ṣì ń dàgbà. Ètò tó ń pààrọ̀ eré nígbà gbogbo ń ta ìrora fún wa lórúkọ ìdàgbàsókè.

Ìlọsíwájú tó ṣe é yẹ̀ wò ní òfin kedere. Bí àpẹẹrẹ, ètò lè ní kí a lóṣòó ní sẹ́ẹ̀tì 3, ìgbà 8 sí 10. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹnì kan gbé 60 kílò ní ìgbà 10, 9 àti 8. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, 10, 10 àti 9. Ní ìkẹta, ó pé 10 nínú gbogbo rẹ̀. Ó fi kílò 2.5 kún un, ó sì padà sí 9, 8 àti 8. Ọgbọ́n òfin yìí ni pé ara ẹni tó ń gbé irin ló ń pinnu ọjọ́ tí irin yóò pọ̀ sí i, kì í ṣe ẹni tó kọ ètò. Gbólóhùn bíi "máa fi irin kún un bí o bá ti lè ṣe é" kò tó òfin, nítorí kò sọ ìgbà tó yẹ àti iye tó yẹ.

Ìmúbọ̀sípò ara ló ṣòro jù láti rí lórí ìwé, nítorí orúkọ ọjọ́ ló ń bò ó. Lójú ẹni tó wo kàlẹ́ńdà, iwájú itan ní wákàtí 72 láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ìyẹn sì dára. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn o. Ní ọjọ́ Ajé, òun ló gbé ọ̀pá irin dúró nínú ìlóṣòó, tó tún di ara mú nígbà títẹ̀ síwájú. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ ẹ̀yìn, irin tó wúwo tí a ń fà sókè láti ilẹ̀ tún bọ́ sórí rẹ̀, pẹ̀lú fífa ọ̀pá sí ikùn nígbà tí a tẹ̀ síwájú. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, kò tíì sinmi ju ọjọ́ kan lọ, ìlóṣòó sì tún dé. Kò sí ọjọ́ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí a bá fi ọjọ́ àyà sí Ọjọ́rú, tí a gbé ọjọ́ ẹ̀yìn lọ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí a sì fi ọjọ́ Àìkú sinmi, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn kò ní ṣiṣẹ́ tó wúwo lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra, ìlóṣòó Ọjọ́bọ̀ yóò sì bá a nígbà tó ti sinmi dáadáa. Bí iye ìgbà tí a lè ṣe eré àkọ́kọ́ bá ṣì ń já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, pẹ̀lú irin kan náà, oorun kan náà àti oúnjẹ kan náà, a jẹ́ pé iye iṣẹ́ ló ṣì pọ̀ ju ohun tí ara lè gbà. Sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn lórí ẹ̀rọ ni kí a kọ́kọ́ yọ kúrò.