Ọdún 100 ni tàbí ọdún 101? Bí kíkà láti orí ení ṣe dá ìjà ọ̀rúndún sílẹ̀

Àwọn kan ní ọdún 100 ni ọ̀rúndún kejì bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn ní ọdún 101 ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí àríyànjiyàn yìí ti ṣẹ̀, ìlú Róòmù ni kó gbà lọ, ní ọdún 525, sọ́dọ̀ mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Díónísíọ́sì. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò kan ọ̀rúndún rárá. Tábìlì tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ Ọdún Àjíǹde ló ń ṣe, torí pé èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti ń tán lọ. Nínú tábìlì àtijọ́ yẹn, orúkọ Díokilétíánì ni wọ́n fi ń ka ọdún, ìyẹn ọba Róòmù tó gorí ìtẹ́ ní 284, tó sì fojú àwọn Kristẹni rí màbo. Díónísíọ́sì ní òun ò ní jẹ́ kí orúkọ aninilára wà lára ọjọ́ mímọ́. Láti ìgbà tí Jésù ti gbé ara èèyàn wọ̀ lòun máa kà á. Ibi tí ọdún 248 ti Díokilétíánì ì bá wà, 532 ló kọ síbẹ̀.

Báwo ló ṣe dórí 532? Kò ṣàlàyé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí ẹ bá fi 19, tí í ṣe òǹkà yíyí òṣùpá, ṣe ìsọdipúpọ̀ 28, tí í ṣe ti oòrùn àti ọjọ́ ọ̀sẹ̀, 532 gan-an ni yóò fún yín, lẹ́yìn iye ọdún yẹn ni ọjọ́ Àjíǹde sì máa ń padà sójú kan náà nínú kàlẹ́ńdà ìgbà yẹn. Lójú tèmi, kì í ṣe èèṣì. Ó jọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìpìlẹ̀ náà síbi tí ìṣirò yóò ti rọrùn fún un.

Ọdún 1 ni òǹkà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé torí àwọn ará Róòmù kò mọ òdo ni kò fi sí ọdún òdo. Mi ò rò pé ibẹ̀ ló ti wá. Nínú tábìlì ọkùnrin yìí kan náà, lábẹ́ ọjọ́ orí òṣùpá, ó kọ ọ̀rọ̀ Látìn náà "núlà" síbi tí kò bá sí nǹkan kan. Ó mọ "kò sí" dáadáa. Ohun tó fà á ni pé bí wọ́n ṣe ń ka ọdún ọba ló ṣe ka ọdún Olúwa. Ọjọ́ tí ọba bá gorí ìtẹ́ ni ọdún kìíní rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa pè é ní ọdún òdo nígbà tí adé ti wà lórí rẹ̀?

Èdè wa ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀. Ọmọ ọdún kan ti lo ọdún kan tán. Ọmọ tó wà ní ọdún kìíní rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọdún orí kàlẹ́ńdà, irú kejì yẹn ni. Ọdún 100 kì í ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti kọjá, ọdún ọgọ́rùn-ún tí à ń gbé inú rẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà, ọgọ́rùn-ún: ogún lọ́nà márùn-ún ni. Ogún àkọ́kọ́ gba ọdún 1 dé 20, èkejì 21 dé 40, ẹ̀kẹta 41 dé 60, ẹ̀kẹrin 61 dé 80. Ogún karùn-ún bẹ̀rẹ̀ ní 81. Tí ẹ bá dúró ní 99, ogún karùn-ún ò pé, mọ́kàndínlógún lẹ ní lọ́wọ́. Àfi kí ọdún 100 pé dé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, kí ọ̀rúndún kìíní tó parí. Ọjọ́ kìíní ọdún 101 ni èkejì wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rúndún ogún ṣe jẹ́ 1901 dé 2000.

Láti ẹ̀yìn wá, ọdún kìíní ṣáájú Kristi wá fara kan ọdún kìíní lẹ́yìn rẹ̀, kò sí nǹkan kan láàárín. Ẹni tí wọ́n bí ní ọdún 10 ṣáájú, tó kú ní ọdún 10 lẹ́yìn, kò lò ju ọdún 19 lọ. Ìdí nìyí tí onímọ̀ ìràwọ̀ ará Faransé, Kasínì, fi lo ọdún 0 nínú tábìlì rẹ̀ ní 1740, torí pé àyọkúrò àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kò gba àṣìṣe ọdún kan.

Ti àwọn ìgbà wa yìí kò gùn. Ọba Jámánì, Wíléḿù Kejì, pàṣẹ pé ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900. Ọ̀pọ̀ ibòmíràn dúró de 1901. Ní 2000, gbogbo ayé ṣàríyá kí ọdún rẹ̀ tó pé, torí pé òǹkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dùn ún wò. Nínú ìlànà ISO 8601 tí kọ̀ǹpútà ń lò fún ọjọ́, ọdún 0000 wà; ẹni tó bá ń ka tiẹ̀ láti ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì ní ọdún 100 láìjẹ̀bi. Àmọ́ ti Díónísíọ́sì kọ́ nìyẹn.